Káàdì Tó Dára Tí A Ń Jù Sílẹ̀: Ìṣirò àti Ìhàlẹ̀ Nínú Póòkà

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó máa ń bá wa ta póòkà ní Adó-Èkìtì níbí ní alẹ́ Sátidé, àbúrò ọ̀rẹ́ mi ni. Kò tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ òfin eré náà dáadáa: ó mọ̀ pé káàdì méjì ni olúkúlùkù máa gbà sọ́wọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní rí, pé márùn-ún ni wọn máa ṣí sáàárín tábìlì fún gbogbo èèyàn, mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà ẹyọ kan, lẹ́yìn náà ẹyọ kan, àti pé márùn-ún tó bá dára jù nínú méjèèje ni èèyàn fi ń jà. Ohun tó ń dà á láàmú ni pé bí káàdì tó dára bá wọlé fún un, gbàrà tí ẹlòmíràn bá ti gbé owó gidi wá sáàárín, ó máa ń jù ú sílẹ̀. Bí mo bá bi í pé kí ló dé, ìdáhùn kan náà ló máa ń fún mi: "Ẹ̀gbọ́n, tiẹ̀ lè ju tèmi lọ."

Òótọ́ ni pé ó lè jù ú lọ. Ṣùgbọ́n nínú póòkà, kò sí ọwọ́ tí a mú tí èyí kò lè jẹ́ òótọ́ nípa rẹ̀, àfi ẹyọ kan tó ga jù lọ. Nítorí náà, ìbéèrè náà kò lè dúró síbi "ṣé ó lè rí bẹ́ẹ̀?" Ó gbọ́dọ̀ dé ibi "ìgbà mélòó nínú mélòó ni ó máa rí bẹ́ẹ̀, èló sì ni wọ́n ní kí n san láti fi wò ó?" Mo ka àṣà jíju káàdì sílẹ̀ yìí sí èyí tó ń jẹ owó ẹni tuntun jù lọ, nítorí pé ojú kì í rí i. Ẹni tó sanwó tó sì pàdánù rí owó rẹ̀ bó ṣe ń lọ, yóò sì rántí rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹni tó ju ọwọ́ tó yẹ kó jẹ sílẹ̀ kò rí nǹkan kan, nítorí pé ẹni kejì kò ní ṣí káàdì rẹ̀ hàn án. Yóò kàn kó owó àárín sọ́dọ̀ ara rẹ̀, eré yóò sì máa lọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọwọ́ kan tí a lè yẹ̀ wò dáadáa. Owó dandan tí àwọn méjì gbọ́dọ̀ gbé sílẹ̀ kí wọ́n tó pín káàdì jẹ́ ₦100 àti ₦200. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa gba Kíǹgì àti Kúìnì, oníháàtì ni méjèèjì, ó sì gbé owó náà lọ sí ₦500. Ẹni tó gbé ₦200 dandan sílẹ̀ fi ₦300 kún tirẹ̀, gbogbo àwọn yòókù sì jáde, tí ₦100 ẹnìkan wà nínú ohun tí wọ́n fi sílẹ̀. Owó àárín di ₦1,100. Káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ ṣí: Kíǹgì onísípéèdì, 9 onísípéèdì, 4 onídáyámọ́ńdì. Ó ti ní Kíǹgì méjì báyìí. Ó gbé ₦450 wá, ẹni kejì san ₦450, owó àárín sì di ₦2,000. Káàdì kẹrin jẹ́ 7 oníháàtì, kò sì sí ẹni tó gbé owó kankan wá nínú àwọn méjèèjì. Káàdì karùn-ún jẹ́ 2 oníkúlọ́ọ̀bù. Ìgbà yìí ni ẹni kejì gbé ₦1,000 wá sáàárín, ó sì tẹjú mọ́ tábìlì láìsọ̀rọ̀. Irú ibi báyìí gan-an ni ọmọ yìí máa ń ju káàdì rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó wò ni iye tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kó san ₦1,000. Bó bá san án tó sì jẹ, ₦3,000 ni yóò kó lé orí tirẹ̀, ìyẹn ₦2,000 tó ti wà láàárín tẹ́lẹ̀ àti ₦1,000 tí ẹni kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá. Bó bá san án tó sì pàdánù, ₦1,000 ló bá a lọ. Ẹ jẹ́ ká ní irú ọ̀ràn yìí ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, tó sì jẹ lẹ́ẹ̀kan péré, tó pàdánù lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀kan tó jẹ mú ₦3,000 wọlé, ẹ̀ẹ̀mẹta tó pàdánù kó ₦3,000 jáde. Kò jèrè, kò sì gbèsè. Ààlà nìyẹn: bó bá lè jẹ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú mẹ́rin, kó san án; bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, kó jù ú sílẹ̀. Kò sí ibi tí ìṣirò yìí ti béèrè pé kí ọwọ́ rẹ̀ dára ju ti ẹni kejì lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Ó lè pàdánù lẹ́ẹ̀mejì nínú mẹ́ta, kí owó rẹ̀ sì máa pọ̀ sí i.

Èyí ni mo ń pè ní èrè àfojúsọ́nà: a ó fi iye ìgbà tí a lè jẹ sọ ohun tí a máa jẹ di púpọ̀, a ó sì yọ iye ìgbà tí a lè pàdánù lọ́nà ohun tí a máa pàdánù kúrò nínú rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń ta tòmátì ní Ọjà Ọba ń ṣe é lójoojúmọ́ láìkọ ọ́ sínú ìwé. Agbọ̀n ni wọ́n ń rà, wọn kì í sì í rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó sanwó. Kò sí ẹni tó ń sọ níbẹ̀ pé òun kò ní rà nítorí pé agbọ̀n kan lè ti jẹrà nísàlẹ̀. Iye tí wọ́n ń tà á ni wọ́n ń wò, àti iye agbọ̀n tó máa ń bàjẹ́ nínú mẹ́wàá.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí ẹni tuntun fi sọ́kàn níbí. Owó tó ti gbé wá ṣáájú, ₦500 àti ₦450, kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Ó ti di owó àárín. Nítorí náà, jíju káàdì sílẹ̀ ní ìgbà yìí kò mú nǹkan kan wá, kò sì gba nǹkan kan lọ; òdo ni èrè àfojúsọ́nà rẹ̀. Òdo yìí ni ká fi wé sísanwó. Bí sísanwó bá máa mú ₦333 wá ní ìpíndọ́gba, ẹni tó ju káàdì sílẹ̀ ti sọ ₦333 nù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó rí i nígbà tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Báwo la ṣe wá máa mọ̀ bóyá yóò jẹ lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́rin? Kíkà ni. Ẹni kejì ní káàdì méjì lọ́wọ́, a sì lè ka oríṣi ọwọ́ tó lè jẹ́, tí a bá ronú nípa bó ṣe ṣe eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá ní Éèsì méjì, tàbí Kíǹgì méjì, tàbí Éèsì pẹ̀lú Kíǹgì, ó ṣeé ṣe kó ti fi owó kún ₦500 nígbà àkọ́kọ́. Kò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Mo yọ àwọn yẹn kúrò. Kí ló kù tó lè nà wá? Àkọ́kọ́ ni káàdì mẹ́ta tó jọra. Bó bá ní 9 méjì lọ́wọ́, 9 kan ti wà lórí tábìlì, mẹ́ta ló kù, ọ̀nà mẹ́ta péré la sì lè gbà mú méjì nínú mẹ́ta. Bákan náà ni fún 7 méjì àti fún 4 méjì. Mẹ́sàn-án nìyẹn. Èkejì ni kí káàdì méjèèjì ọwọ́ rẹ̀ rí èyí tó jọ wọ́n lórí tábìlì, kó fi ní méjì-méjì lọ́nà méjì: Kíǹgì pẹ̀lú 9, Kíǹgì pẹ̀lú 7, Kíǹgì pẹ̀lú 4, àti 9 pẹ̀lú 7. Bí a bá ka kìkì èyí tí àmì káàdì méjèèjì jọra, nítorí pé èyí tí kò jọra kò tó ohun tí èèyàn ń fi ₦300 tẹ̀ lé, méje ni gbogbo rẹ̀. Àpapọ̀ ọwọ́ tó ń nà wá jẹ́ mẹ́rìndínlógún.

Ẹ wá jẹ́ ká wo apá kejì, tí ọ̀dọ́mọkùnrin wa kì í wò rárá. Sípéèdì méjì ló wà nínú káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹni tó ní sípéèdì méjì lọ́wọ́ ń retí ẹyọ kan sí i kí sípéèdì rẹ̀ lè pé márùn-ún, ìdí nìyẹn tó fi san ₦450, ẹyọ náà kò sì wá. Mo lè ka mẹ́jọ tó bójú mu: Éèsì àti 5, Éèsì àti 3, Kúìnì àti Jáàkì, Kúìnì àti 10, Jáàkì àti 10, 10 àti 8, 8 àti 6, 6 àti 5, gbogbo wọn onísípéèdì. Kò sí ìkankan nínú wọn tó lè jẹ bí a bá ṣí káàdì. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹni tó mú wọn fi lè kó ₦2,000 yẹn ni pé kó halẹ̀, kó gbé owó wá bí ẹni tó ní nǹkan lọ́wọ́, kí ẹni kejì sì sá. Yàtọ̀ sí ìhàlẹ̀, Kíǹgì pẹ̀lú Jáàkì tún wà. Ẹni tó ní i gbà pé ọwọ́ òun dára, yóò sì fi tọkàntọkàn gbé owó wá, ṣùgbọ́n Kúìnì wa ga ju Jáàkì rẹ̀ lọ. Kíǹgì méjì ló kù tí a kò rí, Jáàkì mẹ́rin sì wà, ọ̀nà mẹ́jọ nìyẹn. Ẹni tó bá ní Kíǹgì àti Kúìnì bíi tiwa yóò bá wa pín owó náà. Mo fi ìyẹn sílẹ̀ kí ìṣirò má baà díjú.

Mẹ́rìndínlógún ń nà wá, àwa náà ń na mẹ́rìndínlógún. Bí ẹni kejì bá gbé owó wá pẹ̀lú gbogbo wọn, a ó jẹ lẹ́ẹ̀kan nínú méjì. Ìdajì ₦3,000 jẹ́ ₦1,500, ìdajì ₦1,000 jẹ́ ₦500, èrè àfojúsọ́nà sì jẹ́ ₦1,000 fún gbogbo ìgbà tí a bá san án. Ẹ jẹ́ ká wá gbà pé ìbẹ̀rù ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ní ìdí, pé ẹni kejì kò láyà tó bẹ́ẹ̀, pé ìdajì ìhàlẹ̀ náà àti ìdajì Kíǹgì pẹ̀lú Jáàkì nìkan ló ń fi gbé owó wá. A wá ń na mẹ́jọ, mẹ́rìndínlógún ṣì ń nà wá. Ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́ta la ó jẹ. Ìdámẹ́ta ₦3,000 jẹ́ ₦1,000, ìdá méjì nínú mẹ́ta ₦1,000 jẹ́ ₦667, a ṣì jèrè ₦333. Nígbà tí mo ṣe ìṣirò yìí fún un lórí ìwé, ibi ìdámẹ́ta yìí ló ti dákẹ́ jù, nítorí ó ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ọwọ́ tí a máa pàdánù lẹ́ẹ̀mejì nínú mẹ́ta kò lè jẹ́ ohun tó yẹ kí a san owó lé.

Ṣùgbọ́n kíkà yìí kò sọ pé kó máa san gbogbo owó. Bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì wà lórí tábìlì wa tí kì í halẹ̀ rárá ní káàdì karùn-ún. Bí wọ́n bá ti gbé owó wá níbẹ̀, nǹkan wà lọ́wọ́ wọn. Bó bá jẹ́ pé àwọn ni wọ́n gbé ₦1,000 yẹn wá, gbogbo sípéèdì mẹ́jọ náà ti jáde kúrò nínú ìṣirò, ó sì ku bíi mẹ́rin nínú Kíǹgì pẹ̀lú Jáàkì. Mẹ́rin nínú ogún la ó jẹ. Ìdámárùn-ún ₦3,000 jẹ́ ₦600, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ₦1,000 jẹ́ ₦800, a sì ti gbèsè ₦200. Kíǹgì àti Kúìnì kan náà, orí tábìlì kan náà, iye kan náà, ṣùgbọ́n jíjù sílẹ̀ ló tọ́ níwájú bàbá yìí. Káàdì tó wà lọ́wọ́ wa náà sì ń yí ìṣirò padà. Ká ní Kúìnì wa jẹ́ onísípéèdì ni, ẹni kejì kò lè ní Kúìnì àti Jáàkì onísípéèdì, kò sì lè ní Kúìnì àti 10 onísípéèdì. Ìhàlẹ̀ mẹ́jọ di mẹ́fà. Kúìnì oníháàtì tí kò dí wọn lọ́nà wúlò fún wa ju bó ṣe hàn lójú lọ.

Ẹ wá jẹ́ ká lọ jókòó sí àga ẹni kejì, nítorí ibẹ̀ ni a ti máa lóye ohun tí àṣà jíju káàdì sílẹ̀ ń ṣe fún àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹni tó halẹ̀ gbé ₦1,000 wá kó lè kó ₦2,000. Bó bá ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, tó kùnà lẹ́ẹ̀mejì, ó kó ₦2,000, ó sì pàdánù ₦2,000, ọgbọọgba ni. Nítorí náà, bí ìhàlẹ̀ rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú mẹ́ta, ó ń jèrè, káàdì yòówù tó lè wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tilẹ̀ nílò láti wo káàdì rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa ń jù sílẹ̀ tó ìgbà mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Ìgbà mẹ́fà mú ₦12,000 wọlé fún ẹni tó ń halẹ̀ mọ́ ọn, ìgbà mẹ́rin kó ₦4,000 jáde, èrè rẹ̀ sì jẹ́ ₦8,000 lórí ìgbà mẹ́wàá, ìyẹn ₦800 fún ìgbà kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará tábìlì kò pẹ́ mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Wọn kì í sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n ẹ ó rí i pé òun ni wọ́n ń gbé owó wá sí níwájú lemọ́lemọ́.

Láti dá èyí dúró, nígbà tí wọ́n bá gbé ìdajì owó àárín wá, ó yẹ kó di nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọwọ́ tó bá dé ibẹ̀ mú, kó sì ju ìdámẹ́ta tó kù sílẹ̀. Ìdámẹ́ta tó yẹ ní jíjù sílẹ̀ ni àwọn tó kéré jù nínú ohun tó lè ní níbẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, 10 méjì lórí tábìlì yìí kò lè na ohunkóhun yàtọ̀ sí ìhàlẹ̀ gan-an, kódà Kíǹgì pẹ̀lú Jáàkì ń nà án. Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ wà létí ààlà, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà bó bá jù ú sílẹ̀. Kíǹgì pẹ̀lú Kúìnì jìnnà sí ààlà náà. Ohun tí ọmọ yìí ń ṣe ni pé ó ń kó àwọn méjèèjì sínú àpò kan náà.

Ó tún yẹ kí òun náà kọ́ láti halẹ̀, nítorí pé ẹni tí kì í halẹ̀ rárá kì í gba owó lórí ọwọ́ tó dára: bó bá ti gbé owó wá, gbogbo èèyàn á sá, bí a ṣe ń sá fún bàbá olùkọ́ yẹn. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé ọwọ́ wo ni èèyàn fi ń halẹ̀. Ẹni tuntun máa ń rò pé ọwọ́ tó wà láàárín ló tọ́, èyí tí kò dára tí kò sì burú. John von Neumann, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Hungary, gbé irú póòkà kékeré kan yẹ̀ wò nínú ìwé tí òun àti Oskar Morgenstern tẹ̀ jáde ní ọdún 1944, èsì rẹ̀ sì lòdì sí èrò yẹn: ọwọ́ tó dára jù àti ọwọ́ tó burú jù la fi ń gbé owó wá, a ó sì fi tàárín sílẹ̀ kó lọ sí ibi tí a ti ń ṣí káàdì. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Bí èèyàn bá ní 9 kan lọ́wọ́ lórí tábìlì tiwa yìí, 9 méjì tó ní lè jẹ láìfi owó kankan kún un. Bó bá fi halẹ̀, àwọn tó kéré sí i á sá, àwọn tó ní Kíǹgì á san án, ó sì ti sọ ohun tó ní di asán. Ṣùgbọ́n Jáàkì pẹ̀lú 10 onísípéèdì kò lè jẹ láéláé bí a bá ṣí káàdì, nítorí náà kò ní ohunkóhun tó lè sọnù nínú rẹ̀ ju owó tó gbé wá lọ.

Ìwọ̀n náà ṣe pàtàkì. Fún owó tó jẹ́ ìdajì owó àárín, ìhàlẹ̀ kan sí ọwọ́ tòótọ́ mẹ́ta ló bá a mu. Bó bá gbé odindi owó àárín wá, ó lè jẹ́ ọ̀kan sí méjì, nítorí pé ẹni kejì ń san iye tó ga jù láti wò ó. Ẹni tó bá halẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ máa san án. Ẹni tí kò tó bẹ́ẹ̀, ẹ máa sá fún un. Kò sì sí ìṣirò kankan tó gba èèyàn láyè láti halẹ̀ mọ́ ẹni tí kì í ju káàdì sílẹ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ wà lórí tábìlì gbogbo. Ọwọ́ tó dára nìkan ni kí a máa gbé wá síwájú rẹ̀.

Ohun tó sábà máa ń dá ẹni tuntun padà sínú ìbẹ̀rù rẹ̀ ni pé ó sanwó bó ṣe yẹ, ó sì pàdánù. Ọwọ́ tó ń jẹ lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́ta lè pàdánù lẹ́ẹ̀marùn-ún tẹ̀léra wọn, ìyẹn sì máa ń ṣẹlẹ̀ bí ìgbà 13 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá fi ìdààmú alẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe òdiwọ̀n yóò sọ pé ìṣirò náà parọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó ra ìwé kékeré kan. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé owó wá síwájú rẹ̀ ní káàdì karùn-ún, kó kọ iye tó wà láàárín sílẹ̀, iye tí wọ́n béèrè, ọwọ́ tirẹ̀, ẹni tó gbé owó wá, àti bóyá ó san án tàbí ó jù ú sílẹ̀. Bó bá san án, kó kọ ohun tí wọ́n ṣí hàn án. Bó bá rí i pé òun ń jẹ ìgbà mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tí òun san owó tó jẹ́ ìdajì owó àárín, kó má yọ̀, nítorí ìyẹn túmọ̀ sí pé ó ṣì ń ju ọ̀pọ̀ ọwọ́ tó ń jẹ lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́ta sílẹ̀. Kó sì pín ìwé náà sí ojú-ewé ẹnìkọ̀ọ̀kan, kí ojú-ewé bàbá olùkọ́ má baà dàpọ̀ mọ́ ti àwọn tó ń halẹ̀.

Ilé tí a ti ń ta tiwa kì í gba nǹkan kan. Bó bá lọ sí ibi tí onílé ti ń yọ owó tirẹ̀, kó yí ààlà náà padà. Bí wọ́n bá yọ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú ₦4,000 tó máa wà láàárín lẹ́yìn tó bá sanwó, ₦200 lọ, ₦2,800 ni yóò jẹ dípò ₦3,000, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ ju ìgbà 26 lọ nínú ọgọ́rùn-ún kó tó jèrè. Kíǹgì pẹ̀lú Kúìnì wa ṣì kọjá ìyẹn níwájú ẹni tó ń ṣe ìdajì ìhàlẹ̀ rẹ̀. Ìwọ̀nba ọwọ́ tó wà létí ààlà, bíi 10 méjì yẹn, ni yóò tún sún sẹ́yìn sí i.